Fọ́ọ̀mù tó ń gbé àkọsílẹ̀ mì: bí a ṣe ń kọ ìjábọ̀ rẹ̀ sí oníṣẹ́

Ìjábọ̀ àléébù ni ìwé tí ẹni tó ni ìkànnì, tàbí ẹni tó ń bá a mójú tó o, máa ń kọ sí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí ohun kan lórí ìkànnì náà kò bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Èyí tí orí ìwé yìí dá lé lórí ni fọ́ọ̀mù tó ń pàdánù ohun tí èèyàn kọ sínú rẹ̀. Èèyàn kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù, ó tẹ bọ́tìnì, gbogbo rẹ̀ sì pòórá. Irú àléébù yìí ṣòro láti jábọ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ, nítorí pé ohun tí à bá fi ṣe ẹ̀rí gan-an ló sọnù. Ojú-ewé tó bàjẹ́ á ṣì wà níbẹ̀ títí oníṣẹ́ á fi dé. Àkọsílẹ̀ tó pòórá ti lọ, ẹni tó kọ ọ́ kò sì ní ju ìbínú lọ láti fi hàn.

Oníṣẹ́ tó ń dáṣẹ́ ṣe kò sí nínú ọ́fíìsì. Kò gbọ́ ìráhùn àwọn tó ń lo fọ́ọ̀mù, ó lè wà ní ìlú mìíràn, iṣẹ́ àwọn oníbàárà mìíràn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wákàtí tó bá fi wá ibi tí àléébù wà, ẹnì kan ló máa sanwó rẹ̀, yálà oníbàárà tàbí òun fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ìjábọ̀ ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí náà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Apá iṣẹ́ yẹn kò bèèrè ìmọ̀ ètò kọ̀ǹpútà. Ohun tó bèèrè ni pé kí a dán fọ́ọ̀mù náà wò pẹ̀lú sùúrù, kí a máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ ohun tí ojú rí sílẹ̀.

Ibi tí àkọsílẹ̀ ti lè sọnù

Láti ìgbà tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì títí di ìgbà tí akọ̀wé máa rí orúkọ rẹ̀ nínú àkójọ, ibi mẹ́ta ni àkọsílẹ̀ náà ń gbà kọjá. Ó kúrò nínú búráúsà, ìyẹn ètò tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ó dé sáfà, kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì náà dání. Lẹ́yìn náà ni sáfà wá tọ́jú rẹ̀ sínú dátábéèsì, níbi tí akọ̀wé ti máa ń rí i. Àkọsílẹ̀ lè sọnù ní èyíkéyìí nínú àwọn ibi wọ̀nyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀.

Bó bá jẹ́ pé inú búráúsà ló ti sọnù, ó sábà máa ń jẹ́ pé àpótí kan kò ní orúkọ tó yẹ kó ní nínú kóòdù. Búráúsà kì í fi ohun tó wà nínú àpótí tí kò ní `name` ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í fi èyí tí a kọ `disabled` sí lára ránṣẹ́. Àmì rẹ̀ ni pé àpótí kan náà ló ń sọnù fún gbogbo èèyàn, ní gbogbo ìgbà, nígbà tí àwọn àpótí yòókù ń dé pérépéré. Irú èyí rọrùn fún oníṣẹ́ láti rí.

Bó bá jẹ́ inú dátábéèsì ni, àkọsílẹ̀ máa ń dé ṣùgbọ́n ó lè ti gé kúrú, tàbí kí lẹ́tà inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn tó ń fi àmì sórí orúkọ Yorùbá mọ èyí dáadáa: tí a bá ṣètò àyè ìkọ̀wé dátábéèsì fún `latin1`, Adébọ́lá lè di `Adéb??lá`, nítorí pé àyè wà fún é àti á nínú ètò lẹ́tà náà ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ọ́. Àmì tirẹ̀ ni pé ohun tí a kọ, ìyẹn lẹ́tà tàbí gígùn ọ̀rọ̀, ló ń pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ti àárín, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sáfà, ló ń dààmú èèyàn jù. Òun ló máa ń mú kí fọ́ọ̀mù ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan kó má ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, tí akọ̀wé á fi dán an wò tí kò ní rí nǹkan kan. Àpẹẹrẹ tí a máa tú palẹ̀ níhìn-ín jẹ́ irú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ: fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé ilé-ẹ̀kọ́ ìránṣọ

Ká sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìránṣọ kan wà ní Ìbàdàn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé láti orí ìkànnì rẹ̀. Oníṣẹ́ kan tó ń dáṣẹ́ ṣe ló fi PHP kọ ìkànnì náà. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń bèèrè orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, orúkọ alágbàtọ́, kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìráhùn bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní báwọn ṣe tẹ `Fi ránṣẹ́` ni ojú-ewé náà padà wá ní òfìfo, tó sì fi àwọ̀ pupa kọ ọ́ pé káwọn kọ orúkọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ti kọ ọ́. Nínú àkójọ, akọ̀wé tún rí àwọn tí orúkọ àti àdírẹ́sì wọn dé pérépéré ṣùgbọ́n tí àyè fọ́tò wọn ṣófo. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ dán fọ́ọ̀mù náà wò lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ yìí sí oníṣẹ́:

> Ẹ káàárọ̀ sà. Fọ́ọ̀mù yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́ o. Ó ń gbé gbogbo ohun táwọn èèyàn bá kọ mì. Àwọn òbí ti ń bínú sí wa. Ó jọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà yẹn ni ò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe lónìí.

Gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ òótọ́ lójú ẹni tó kọ ọ́, síbẹ̀ oníṣẹ́ kò lè fi í ṣe nǹkan kan. Bó bá ṣí fọ́ọ̀mù náà, tó kọ orúkọ rẹ̀, tó mú fọ́tò kékeré kan tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó máa wọlé. Èsì tó máa fi ránṣẹ́ kò ní ju pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Akọ̀wé á rò pé kò fẹ́ ṣiṣẹ́ náà, òun náà á sì rò pé àwọn tó ń lo fọ́ọ̀mù ni kò mọ̀ ọ́n lò. Ohun tí kò sí nínú ìjábọ̀ náà ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tí tirẹ̀ wọlé àti ẹni tí tirẹ̀ kò wọlé.

Bí a ṣe ń wá ìyàtọ̀

Ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni kí akọ̀wé pe ẹnì kan nínú àwọn tó ráhùn, kó sì bi í ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ohun tí ojú rí. Fóònù wo lo lò? Níbo lo ti mú fọ́tò, ṣé ìgbà yẹn náà lo yà á ni, àbí ó ti wà lórí fóònù tẹ́lẹ̀? Kí ni ojú-ewé náà kọ nígbà tó padà wá? Lẹ́yìn tó o tún un ṣe, ṣé ó padà wọlé, kí lo sì ṣe yàtọ̀? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló sábà máa ń yọ òkodoro síta. Nínú àpẹẹrẹ wa, òbí kan dáhùn pé nígbà tí òun lo fọ́tò tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp, ó wọlé.

Ìdáhùn yẹn tọ́ka sí fọ́tò, ṣùgbọ́n kò tíì fi ìdí nǹkan kan múlẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ti sàn sí i ní ìgbà kejì, òbí náà sì lè ti fi nǹkan kan sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tó kàn ni kí akọ̀wé mú fóònù kan, búráúsà kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan àti ọ̀rọ̀ kan náà tó máa kọ sínú gbogbo àpótí, kó sì yí fọ́tò nìkan padà. Kó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ láìsí fọ́tò, bí fọ́ọ̀mù bá gbà bẹ́ẹ̀. Kó tún ṣe é pẹ̀lú fọ́tò kékeré, lẹ́yìn náà pẹ̀lú èyí tó tóbi díẹ̀, kó wá fi èyí tó tóbi gan-an parí rẹ̀. Ìwọ̀n fọ́tò máa ń wà nínú `Details` lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tàbí nínú `Properties` lórí kọ̀ǹpútà Windows. Mẹgabáìtì, MB, ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Fọ́tò tí kámẹ́rà fóònù ayé ìsinsìnyí yà lè wọn mẹgabáìtì 3 sí 6, ó sì lè ju 10 lọ tí a bá yí kámẹ́rà náà sí ibi tó ń ya àwòrán ńlá. Èyí tó gba orí WhatsApp kọjá gẹ́gẹ́ bí fọ́tò kì í sábà tó mẹgabáìtì 1, nítorí pé WhatsApp máa ń fún un kéré kó tó fi ránṣẹ́.

Nígbà tí akọ̀wé ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó rí yàtọ̀ sí ara wọn lọ́nà mẹ́ta. Fọ́tò tó wọn 0.2 MB wọlé pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀. Pẹ̀lú fọ́tò tó wọn 4.1 MB, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ jáde, orúkọ àti àdírẹ́sì sì dé inú àkójọ, ṣùgbọ́n fọ́tò kò sí níbẹ̀. Pẹ̀lú èyí tó wọn 11.3 MB, ojú-ewé padà wá ní òfìfo, ó ní kí akọ̀wé kọ orúkọ, ohunkóhun kò sì wọ inú àkójọ. Akọ̀wé tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ìráhùn méjì tó ti rò pé wọn kò bá ara wọn tan, orí ìlà kan náà ni wọ́n wà.

Tí kọ̀ǹpútà bá wà nítòsí, àyẹ̀wò kan ṣì kù tó wúlò gan-an, nítorí pé ó ń fi hàn bóyá àkọsílẹ̀ jáde kúrò nínú búráúsà. Nínú Chrome, a ó tẹ F12, a ó ṣí `Network`, a ó sì fi àmì sí `Preserve log`. Tí a kò bá fi àmì yẹn sí i, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ máa parẹ́ nígbà tí ojú-ewé bá tún ara rẹ̀ ṣí. Lẹ́yìn èyí la ó wá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, a ó tẹ orúkọ ojú-ewé tó gba fọ́ọ̀mù náà nínú àkójọ tó jáde, a ó sì wo `Payload`. Tí orúkọ àti àdírẹ́sì bá wà níbẹ̀, búráúsà ti ṣe tirẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìsọnù ti wáyé. Tí wọn kò bá sí níbẹ̀, inú ojú-ewé fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ni kí oníṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tó fi `Payload` hàn tó láti yanjú ìdajì àríyànjiyàn.

Ìjábọ̀ náà gan-an

Ìjábọ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Àkọlé rẹ̀ ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó máa ń ṣẹlẹ̀, kí oníṣẹ́ tó ní ìjábọ̀ mẹ́wàá nínú ímeèlì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. "Fọ́ọ̀mù kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe àkọlé. Báyìí ni akọ̀wé náà ṣe tún tirẹ̀ kọ:

> Fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé ń pàdánù gbogbo ọ̀rọ̀ tí fọ́tò bá tóbi gan-an, ó sì ń pàdánù fọ́tò nìkan tó bá tóbi díẹ̀
>
> Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́.
>
> Ohun tí mo ṣe: mo ṣí ojú-ewé ìgbaniwọlé, mo kọ "Ìdánwò Kìíní" sí orúkọ, mo sì fi ọ̀rọ̀ ìdánwò kún gbogbo àpótí yòókù. Mo mú fọ́tò, mo sì tẹ `Fi ránṣẹ́`. Mo tún un ṣe pẹ̀lú fọ́tò mẹ́ta, mi ò yí ohun mìíràn padà.
>
> Ohun tó ṣẹlẹ̀: fọ́tò 0.2 MB, gbogbo rẹ̀ wọlé. Fọ́tò 4.1 MB, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ dé inú àkójọ, fọ́tò kò dé. Fọ́tò 11.3 MB, ojú-ewé padà wá ní òfìfo, ó kọ "Jọ̀wọ́ kọ orúkọ rẹ", kò sí nǹkan kan nínú àkójọ. Ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò yí padà.
>
> Ohun tí mo retí: kí fọ́tò àti ọ̀rọ̀ wọlé pọ̀. Tí fọ́tò bá tóbi jù, kó sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, kí ọ̀rọ̀ tó ti kọ má sì parẹ́.
>
> Ìgbà: ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta 2025. Ti 11.3 MB jẹ́ aago 10:42 àárọ̀, aago Nàìjíríà.
>
> Ohun tí mo lò: fóònù Android, Chrome. Mo tún ṣe é lórí kọ̀ǹpútà Windows pẹ̀lú Chrome, bákan náà ni. Orúkọ àti àdírẹ́sì wà nínú `Payload` (àwòrán wà nísàlẹ̀).
>
> Àwọn tó kàn: òbí mẹ́ta ló ti pè nípa ojú-ewé òfìfo. Orúkọ méje ló wà nínú àkójọ láìní fọ́tò. Ọ̀nà tí a ń gbà báyìí ni pé a ní kí wọ́n lo fọ́tò tó ti gba orí WhatsApp.
>
> Mo fi àwọn fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi `Document`.

Kò sí ibi tí akọ̀wé ti sọ ohun tó fa àléébù náà. Bó bá ní àbá, kò burú kó kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ó sì hàn gbangba pé àbá ni. Àbá tó wà lókè, irú "nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà ni ò dáa", lè mú kí oníṣẹ́ lo ìdajì ọjọ́ níbi tí kò sí nǹkan kan.

Gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò ni ohun tí wọ́n retí. Wọ́n rò pé ó ti hàn. Kò hàn rárá. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù lè ti mọ̀ọ́mọ̀ fi òté lé ìwọ̀n fọ́tò nítorí pé àyè sáfà kéré, ó sì lè rò pé kò burú kí fọ́ọ̀mù kọ̀ láti gba fọ́tò ńlá. Gbólóhùn náà jẹ́ kó mọ̀ pé kíkọ̀ tí fọ́ọ̀mù kọ fọ́tò kò dun ilé-ẹ̀kọ́ náà tó bí ọ̀rọ̀ tó ń parẹ́. Ó tún wúlò tí owó bá dọ́rọ̀. Fọ́ọ̀mù tó ń pàdánù orúkọ jẹ́ àbùkù nínú iṣẹ́ tí a ti sanwó rẹ̀. Pé kí fọ́ọ̀mù máa fún fọ́tò kéré fúnra rẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ tuntun. Ó sàn kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Aago náà kì í ṣe àṣerégèé. Sáfà máa ń kọ àṣìṣe sílẹ̀ nínú fáìlì kan, aago tó sì sábà máa ń lò ni UTC, tó fi wákàtí kan kéré sí ti Nàìjíríà. Oníṣẹ́ tó mọ̀ pé 10:42 ti Ìbàdàn ni máa lọ wo 09:42, ó sì máa bá irú ìlà yìí níbẹ̀:

```
[14-Mar-2025 09:42:17 UTC] PHP Warning:  POST Content-Length of 11850342 bytes exceeds the limit of 8388608 bytes in Unknown on line 0
```

Ní ti fọ́tò tí a fi ṣe ìdánwò, ọ̀nà tí a gbà fi ránṣẹ́ ṣe pàtàkì. Tí akọ̀wé bá fi fọ́tò 11.3 MB ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán, yóò ti kéré kó tó dé ọwọ́ oníṣẹ́, fọ́ọ̀mù á sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀rí ti di òdìkejì ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. `Document` ni kí a yàn, tàbí kí a fi ímeèlì ránṣẹ́, kí ìwọ̀n rẹ̀ má bàa yí padà.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìdánwò lásán ni, kò yẹ kí fọ́tò tàbí nọ́ńbà fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kankan wà nínú ìjábọ̀. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ẹni ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, kan ilé-ẹ̀kọ́ kékeré náà. Orúkọ àtọwọ́dá àti fọ́tò ògiri tàbí igi tó tóbi tó ti tó. Ọ̀rọ̀ aṣínà sáfà kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìjábọ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣẹ́ bèèrè rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni kó gbà dé ọwọ́ rẹ̀. Tí akọ̀wé bá sì rí i pé àmì orí orúkọ Adébọ́lá ń di àmì ìbéèrè, ìjábọ̀ mìíràn nìyẹn. Ohun tó fà á yàtọ̀, ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe lè yàtọ̀, ọ̀kan á sì bo èkejì mọ́lẹ̀ tí wọ́n bá jọ wà nínú ìwé kan.

Ohun tí oníṣẹ́ rí

PHP ní òté méjì tó kan ọ̀rọ̀ yìí, bí wọ́n sì ṣe máa ń wà nìyí tí ẹnikẹ́ni kò bá yí wọn padà:

```
upload_max_filesize = 2M
post_max_size = 8M
```

Èkíní jẹ́ ti fáìlì kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò 4.1 MB ju 2 lọ, nítorí náà PHP kọ fọ́tò nìkan, ó gba ọ̀rọ̀ tó kù. Kóòdù náà kò bèèrè bóyá fọ́tò dé, ó kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Èkejì jẹ́ ti gbogbo ẹrù tí fọ́ọ̀mù gbé wá, ọ̀rọ̀ àti fọ́tò pọ̀. Nígbà tí ẹrù bá ju 8 lọ, PHP kì í yọ fọ́tò kúrò kó gba ìyókù. Ó máa ń da gbogbo rẹ̀ nù, á sì fún kóòdù ní `$_POST` tó ṣófo. Kóòdù wá ń bèèrè báyìí:

```php
if (empty($_POST['oruko'])) {
    $asise = 'Jọ̀wọ́ kọ orúkọ rẹ';
}
```

Lójú tirẹ̀, kò sí orúkọ lóòótọ́. Nítorí èyí ni fọ́ọ̀mù fi ń bá ẹni tó ti kọ orúkọ wí pé kò kọ ọ́. Tí kì í bá ṣe ìwọ̀n mẹ́ta tó wà nínú ìjábọ̀, oníṣẹ́ á ti máa wo àpótí orúkọ, níbi tí ọ̀rọ̀ pupa náà darí gbogbo èèyàn sí. Nígbà tó rí 4.1 àti 11.3, tí èsì wọn sì yàtọ̀ síra, òté 2 àti 8 ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ó ṣí fáìlì àṣìṣe, ó sì rí ìlà tó wà lókè.

Àwọn sáfà mìíràn ní òté tiwọn níwájú PHP. Nginx, bí àpẹẹrẹ, kì í gbà ju mẹgabáìtì 1 lọ tí a kò bá yí `client_max_body_size` rẹ̀ padà, `413 Request Entity Too Large` ló sì máa ń kọ sójú ewé. Tí akọ̀wé bá rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà, ní èdè tó wà gan-an. Tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ tàbí tó gé e kúrú, oníṣẹ́ kò ní lè fi wá nǹkan kan.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Nígbà tí oníṣẹ́ bá ní òun ti tún un ṣe, ìjábọ̀ náà ni a ó fi yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Fọ́tò mẹ́ta kan náà, fóònù kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Kò sí ìdí láti gbé àyẹ̀wò tuntun kalẹ̀ kí a tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti àtijọ́. Lẹ́yìn tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọlé ni kí akọ̀wé wá fọ́tò kan tàbí fáìlì kan tó ju òté tuntun lọ, nítorí pé gbígbé òté sókè nìkan kò mú àléébù kúrò. Ó kàn sún un síwájú sí ọ̀dọ̀ ẹni tí fọ́tò fóònù rẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí oníṣẹ́ bá sọ òté di 20, kí a dán èyí tó wọn 25 wò. Ohun tó yẹ ká rí ni ọ̀rọ̀ tó sọ pé fọ́tò tóbi jù, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì tó ṣì wà nínú àpótí wọn. Ọ̀nà tó dáa jù láti ṣe èyí ni kí ojú-ewé fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ wo ìwọ̀n fọ́tò kó tó fi nǹkan kan ránṣẹ́, torí tí ẹrù bá ti dé ọ̀dọ̀ PHP tó sì ju òté lọ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti lọ.

Kí akọ̀wé ṣe àyẹ̀wò yìí lórí fóònù, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Fóònù ni àwọn òbí ń lò, orí kọ̀ǹpútà sì ni oníṣẹ́ ti sábà máa ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Ó ku àwọn tí tiwọn ti sọnù ṣáájú. Orí wọn kò rí bákan náà. Àwọn tí fọ́tò wọn wà láàárín 2 àti 8 ṣì wà nínú dátábéèsì pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Kí akọ̀wé bèèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ pé kó yọ orúkọ gbogbo àwọn tí àyè fọ́tò wọn ṣófo jáde, kí a lè pè wọ́n kí wọ́n mú fọ́tò wá. Àwọn tí tiwọn ju 8 lọ kò dé ibì kankan rárá, kò sì sí ọ̀nà tí oníṣẹ́ lè gbà dá ọ̀rọ̀ wọn padà. Ṣùgbọ́n ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan wọn fi ìlà kan sílẹ̀ nínú fáìlì àṣìṣe, tí ọjọ́ àti aago wà lórí rẹ̀. Tí oníṣẹ́ bá ka àwọn ìlà náà, tí kò ka ti ìdánwò akọ̀wé mọ́ ọn, ilé-ẹ̀kọ́ á mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti bí ìgbìyànjú tó já sófo ṣe pọ̀ tó, wọ́n á sì mọ̀ bóyá ó tọ́ láti sún ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí síwájú kí àwọn tó ti sú lè tún gbìyànjú.